Kí Ni Wọ́n Ń Ṣe fún Ọmọ Mi?

Ní oṣù tó kọjá ni ìyá ọ̀rẹ́ wa kan pè wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Mọ́mì mọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, nítorí àwa àti ọmọ wọn la jọ gbé yàrá kan ní ọdún méjì àkọ́kọ́ wa ní yunifásítì, kí ó tó lọ bá wọn lókè òkun. Ọmọbìnrin la mọ̀ ọ́n sí nígbà náà. Ó ti pé ọmọ ọdún 24 báyìí, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé ọkùnrin ni òun. Mọ́mì kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: "Dókítà bá mi sọ̀rọ̀, mo kàn ń mi orí ni. Wọ́n fún mi ní ìwé, mo gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìlera, ẹ bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ mi?"

Nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan nínú wa ń kọ́, àwa méjì yòókù wà ní ẹ̀ka àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. A kàwé fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó pe Mọ́mì padà. Ọ̀rẹ́ wa gbà kí a kọ ohun tí a sọ fún wọn síbí, bí a kò bá ti dárúkọ òun.

Ohun tí Mọ́mì rò ni pé wọ́n ti la ọmọ àwọn. Kò sí ẹni tó là á. Ìtọ́jú tí à ń sọ yìí wà fún ẹni tí ara rẹ̀ àti bí ó ṣe mọ ara rẹ̀ sí kò bára mu, tí ìyẹn sì ń dà á láàmú. Ohun tí kò ní oògùn nínú ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn kan sì dúró sí. Àwọn mìíràn lo oògùn, wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ láéláé.

Ti ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti orí irun, aṣọ àti orúkọ. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìjà ńlá ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, nítorí tọkùnrin yàtọ̀ sí tobìnrin. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin dé, "ó dé". Obìnrin dé, "ó dé". Mọ́mì ti ń pe ọmọ wọn bó ṣe fẹ́ láìmọ̀, a sì rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni àwọn àbúrò rẹ̀ náà fi ń pè é báyìí, dípò àǹtí tàbí bùrọ̀dá, ilé sì rọ̀. Ibi tó dun Mọ́mì ni orúkọ. Irú orúkọ tí a ń sọ ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà ni ọ̀rẹ́ wa ń jẹ́. Nígbà tó fi í sílẹ̀, tó mú orúkọ rẹ̀ kejì tí akọ àti abo jọ ń jẹ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún sin ìyá Mọ́mì lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ìwé dókítà kankan tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn, àwa náà kò sì ní ìdáhùn fún un.

Ohun kejì ni aṣọ tó ń fún àyà kí ọmú má bàa yọ. Èyí kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn lára. Wákàtí 8 lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́ni sọ́nà fi ṣe òdiwọ̀n, kí ẹni náà má sì wọ̀ ọ́ sùn tàbí fi í ṣe eré ìdárayá. Bándéèjì àti téèpù burú jù, nítorí wọn kì í fà bí ènìyàn bá mí sínú. Bí egungun ìhà bá ń dunni, tàbí tí èémí kò bá délẹ̀, kí a bọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó wọ kílíníkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà àdúgbò ló ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí kílíníkì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí, ìdúró ibẹ̀ sì máa ń gba ọdún púpọ̀. Ọ̀rẹ́ wa dúró ju ọdún 3 lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bá a sọ: ìgbà wo ló ti ń rí bẹ́ẹ̀, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣé ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àìsàn mìíràn wà tó yẹ kí wọ́n tọ́jú. Mọ́mì béèrè bóyá wèrè ni wọ́n kà á sí. Rárá. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn, ẹ̀dà kọkànlá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò láàárín àìsàn ọpọlọ, wọ́n kó o sí abẹ́ ìlera ìbálòpọ̀.

Oògùn ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbòòrò. Tẹstósítírónì ni wọ́n fún un, họ́móònù tó wà lára ọkùnrin púpọ̀ tó sì wà lára obìnrin díẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ 10 sí 14 síra, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa ń sá fún abẹ́rẹ́, nítorí náà jẹ́ẹ̀lì ni ó ń fi para láràárọ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ dúró láàárín oṣù mélòó kan. Irorẹ́ bò ó lójú. Ní bí oṣù kẹfà ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀, a sì gbọ́ ọ nínú ohùn tó ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù kí ó tó sọ fún wa. Irùngbọ̀n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn lè gba ọdún 4 tàbí 5 kí ó tó kún. Ẹni tó bá gbà á lọ́nà kejì, láti ọkùnrin sí obìnrin, ẹ́sítírójìn ni tirẹ̀: ọmú á yọ, awọ ara á rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò ní padà di tín-ín-rín, ewu tí wọ́n sì ń ṣọ́ jù níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dídì.

A ní kí Mọ́mì fetí sí ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ̀lì dáadáa, nítorí ó kan àwọn náà. Ó lè ti ara ẹnì kan ran ẹlòmíràn, pàápàá obìnrin àti ọmọ kékeré. Kí ọ̀rẹ́ wa fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó bá pa á tán, kí ó jẹ́ kó gbẹ, kí ó wọ aṣọ bò ó. Ọmọ àbúrò Mọ́mì tó jẹ́ ọmọ ọdún 2 máa ń sùn sí i léjìká, ibẹ̀ gan-an ló sì ń pa á sí. Wọ́n ti yí i padà.

Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì pàtàkì: iye họ́móònù fúnra rẹ̀, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó. Tẹstósítírónì a máa mú kí ara ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa púpọ̀ sí i. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá gba ju 0.54 nínú ẹ̀jẹ̀ lọ, dókítà á dín oògùn kù tàbí kí ó wá ohun mìíràn tó fà á, bíi sìgá. Ní àyẹ̀wò rẹ̀ kẹta, ọ̀rẹ́ wa fi àwòrán èsì ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ìpayà. Họ́móònù rẹ̀ ju 50 nmol/L lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ka nǹkan bí 8 sí 30 sí tọkùnrin. Ó fẹ́ dá oògùn dúró lọ́jọ́ náà. A ní kí ó wo ìlà kejì: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ki ju 0.46 lọ. Bí họ́móònù bá ti ga tó báyẹn fún oṣù púpọ̀, ó yẹ kí ìyẹn náà ti gòkè. A bi í léèrè apá tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀. Apá òsì ni, apá kan náà tó fi jẹ́ẹ̀lì pa láàárọ̀ ọjọ́ náà! Oògùn tó wà lójú awọ ló wọnú ìgò. Ó sọ fún dókítà rẹ̀, wọ́n tún fà á ní apá kejì tí kò fi nǹkan kan pa, èsì jẹ́ 17. Ẹni tó ń ra oògùn yìí fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ń ka èsì fún un, a kò mọ ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè apá yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ni Mọ́mì béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Tẹstósítírónì kì í ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Bí nǹkan oṣù tilẹ̀ dúró, oyún ṣì lè dúró, oògùn náà sì lè ba ọmọ inú jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹyin pamọ́, ó dára kí ó ṣe é kí ó tó bẹ̀rẹ̀: bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn yóò fi máa gún un lábẹ́rẹ́ kí ẹyin lè pọ̀, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ mìíràn fà á jáde. Ọ̀rẹ́ wa kò ṣe é. Àwọn kan ti dá oògùn dúró, wọ́n sì bímọ, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó lè ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ abẹ kò tíì kàn án. Èyí tó ń rò ni ti àyà, níbi tí wọ́n ti ń yọ ọmú, tí àpá rẹ̀ kì í parẹ́ tán. Ti ojú ara jìnnà sí i gan-an, ó máa ń ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì ṣe é.

Mọ́mì ti gbọ́ nínú ìròyìn pé wọ́n ti fòfin de oògùn yìí. Ti àwọn ọmọdé ni wọ́n gbọ́, ìyẹn oògùn tó ń dá ìbàlágà dúró. Ní oṣù kẹrin 2024 ni Dókítà Hilary Cass gbé ìwádìí rẹ̀ jáde, ó ní ẹ̀rí tó wà fún ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ kò lágbára tó. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin de fífún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 ní oògùn náà fún ọ̀rọ̀ yìí, àfi fún ìwádìí àti àwọn tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Súwídìn àti Fínlándì náà ti fún okùn, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà pàtàkì ní Amẹ́ríkà kò gbà pẹ̀lú wọn. Ní tiwa, a rò pé ó tọ́ kí a ya ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 12 sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni ọdún 24.

Ti àgbàlagbà náà ní ibi tó ti kù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí sọ pé ara máa ń rọ àwọn tó ń gba họ́móònù, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àwọn tí a lè fi wọ́n wé. Ọ̀kan tó ní in wáyé ní Mẹ́líbọ̀ọ̀nù, èsì rẹ̀ jáde ní 2023: ènìyàn 64, tí wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò gba tẹstósítírónì lójú ẹsẹ̀ àti ẹni tí yóò dúró fún oṣù 3. Ìbànújẹ́ ọkàn àti èrò pípa ara ẹni dín kù lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Oṣù 3 péré ni, gbogbo wọn ló sì mọ ohun tí wọ́n ń gbà.

Àwọn tó dáwọ́ dúró wà. Àwọn kan rí i pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá, àwọn mìíràn kò rówó, àwọn mìíràn ẹbí ló lé wọn. Nǹkan oṣù sábà máa ń padà, ọ̀rá a tún padà sí ìbàdí. Ohùn kò padà, irùngbọ̀n tó ti hù yóò máa hù. Ọ̀rẹ́ wa mọ èyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ó kà á sókè níwájú dókítà, kí ó sì fọwọ́ sí i.