Bókotó Inú Kápúsù

Àbúrò mi obìnrin kì í jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin, kì í sì í mu wàrà. Ní Ọ̀fà tí a ń gbé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọjà kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní Ọjà Owódé mọ ohun tó rà. Ohun tó wà nínú páálí ni a ń bá wọ̀yá ìjà, ọmọ Ọ̀fà kì í sì í sá fún ìjàkadì.

Nọ́ńbà ni wọ́n sábà máa ń fi kọ àwọn kan. E120, tàbí INS 120, ni àwọ̀ pupa tó ń jẹ́ kámáìnì. Kòkòrò kékeré tó ń gbé lára igi ẹlẹ́gùn-ún ní ilẹ̀ Pérù ni wọ́n ń sá gbẹ láti fi ṣe é. E904 ni ṣẹ́láàkì, oje tí kòkòrò mìíràn ń tú sára ẹ̀ka igi ní ilẹ̀ Íńdíà. Òun ló ń mú kí àwọn súwíìtì kan máa dán. Òun náà ni àwọn káfíńtà ń pò mọ́ sípíríìtì láti fi kun àga.

Jẹ́látíìnì ló gbọ́n féfé jù. Bí ẹ bá se bókotó tí ẹ gbé omi rẹ̀ sílẹ̀ di àárọ̀, ẹ ó rí i pé ó ti dì bí ẹ̀kọ. Ohun tó mú un dì nìyẹn. Awọ àti egungun màálù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ni ilé iṣẹ́ fi ń ṣe é. Òfin Yúróòpù kà á sí oúnjẹ, nítorí náà ẹni tó bá ń wá nọ́ńbà E nìkan yóò fò ó kọjá. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ wá. Àmì hàláàlì pàápàá kò yanjú rẹ̀, torí ti màálù ṣì jẹ́ ti ẹran.

Nígbà tí eyín àbúrò mi wú, kápúsù àmọ́síṣílìnì ni wọ́n kọ fún un. Ó kọ̀ ọ́. Màmá wa bínú: “Ṣé kápúsù ló fẹ́ pa ọ́ ni, àbí eyín?” Mo gbé páálí náà yẹ̀ wò: orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ló wà níta. Inú bébà tí wọ́n ká sínú rẹ̀ ni mo ti rí jẹ́látíìnì, níbi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fi ṣe èèpo kápúsù.

Mo padà sọ́dọ̀ apoògùn. “Ẹ má tú kápúsù fúnra yín o, mà,” ló wí, “oògùn mìíràn wà tí kò ṣeé tú.” Ó fún wa ní ti oníyẹ̀fun tí à ń pò mọ́ omi, èyí tí mílígíráàmù 250 wà nínú mílílítà 5 rẹ̀. Mílílítà 10 ló dípò kápúsù onímílígíráàmù 500 kan. A ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà pọ̀: kò sí jẹ́látíìnì, kò sí 120. Àbúrò mi mu ún lálẹ́ ọjọ́ náà.

E471 inú búrẹ́dì ló kù tí a ṣì ń jiyàn lé lórí. Epo ọ̀pẹ ṣeé fi ṣe é, ọ̀rá ẹran náà ṣeé fi ṣe é, ara ọ̀rá búrẹ́dì kì í sì í sọ èyí tó jẹ́. Mo kọ̀wé sí ilé búrẹ́dì méjì. Ọ̀kan fèsì pé ti ọ̀pẹ ni tàwọn. Èkejì kò tíì fèsì, èmi nìkan ni mo sì ń jẹ búrẹ́dì wọn nílé wa.