Pélé Màmá Kì í Ṣe Irunmú Ológbò

Ẹni tó bá fẹ́ sọ fọ́tò di àwòrán ánímè, yíyọ nǹkan kúrò ni iṣẹ́ ẹ̀. Imú á di ìlà kékeré kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán irun á di ìdì mélòó kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé, tẹ́ ẹ bá yọ ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ yọ, ẹni inú fọ́tò á di ẹlòmíì.

Àwa méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, la jọ ya màmá wa àgbà. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù tí ojú wọn ti hàn kedere: wọ́n dirun ṣùkú, pélé mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, oòrùn ń tàn wá láti apá òsì àwòrán. Àwọn ọmọ kéékèèké inú ẹbí ò bá màmá láyé, ojú tá a bá yà ni wọ́n máa mọ̀ sí tiwọn. A gbé fọ́tò náà sínú Krita, a fa `Opacity` ẹ̀ wálẹ̀ sí 30%, a wá ń ya tiwa lé e lórí.

Ojú la fi bẹ̀rẹ̀. Osamu Tezuka, tí eré ẹ̀ Astro Boy bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Jàpáàn ní 1963, wà lára àwọn tó sọ ojú ńlá dàṣà, àwòrán Walt Disney sì wà lára ohun tó wò kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn fẹ ojú bíi bàlúù. A fi ìdámẹ́ta kún gíga ojú màmá, a ò fọwọ́ kan àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì, torí ibẹ̀ la fi ń dá èèyàn mọ̀. A kun òkè ẹyinjú ní dúdú, torí òjìji ìpéǹpéjú ń bọ́ sí i, a jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ díẹ̀. Àmì funfun tó ń dán wà lápá òsì nínú ojú méjèèjì. Tí àwọn àmì yẹn bá kọjú síra wọn, ojú bèbí lẹ yà.

Ó wá kan ìlà. Àwòrán wa fẹ̀ tó 2000 píksẹ́lì, a wá lo búrọ́ọ̀ṣì 12 fún ìlà tó yí orí àti èjìká ká, 6 fún inú ojú. Ìlà máa ń nípọn níbi tí nǹkan méjì ti pàdé àti níbi tí òjìji wà, bí abẹ́ àgbọ̀n. Á wá máa tín-ín-rín bó ṣe ń lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Pélé ló le jù. Ẹ fi ìlà dúdú fa pélé, irunmú ológbò lẹ yà, bíi ti Naruto. Ti Naruto dùbúlẹ̀ ni, pélé dúró. Yàtọ̀ síyẹn, ojú àpá tó jìn wọnú ara ni pélé. Àwọ̀ òjìji ara la fi yà á, àárín ẹ̀ nípọn, orí àti ìdí ẹ̀ tín-ín-rín. A wá fi ìlà kékeré tó mọ́ sí etí ẹ̀ lápá ọ̀tún, torí ìmọ́lẹ̀ tó ti òsì wá, ògiri ọ̀tún kòtò ló máa ń bà.

Òjìji ánímè kì í ṣá díẹ̀díẹ̀. Láyé àtijọ́, orí ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara ni wọ́n ti ń ṣe é: ìlà wà níwájú ike, wọ́n á fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn ẹ̀, àwọ̀ kan níbì kan. Ìdí nìyẹn tí etí òjìji fi gé ṣáká. Àwọ̀ méjì la lo fún ara màmá: `#8D5A3B` níbi tí oòrùn dé, `#5C2F2E` níbi tí kò dé, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ imú lápá ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ọrùn. Àwọ̀ kejì pupa díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi eérú ṣe òjìji awọ dúdú, ara á ṣì bí ẹni tí àìsàn ń ṣe. Ẹ sún àwòrán kéré bíi ti WhatsApp, ẹ ó rí i kíá.

Irun ló kẹ́yìn. Àwọn ará Jàpáàn ń pe ìmọ́lẹ̀ tó yí irun ká ní òrùka áńgẹ́lì. Irun tó gùn, tó sùn pọ̀, ló ń ní in: orí rí róbótó, gbogbo fọ́nrán irun gba ìmọ́lẹ̀ níbì kan náà, ó wá so pọ̀. Ṣùkú ò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà irun kọ̀ọ̀kan jẹ́ òkè kékeré tirẹ̀ tó ń gun àárín orí lọ. Torí náà, a to àmì kéékèèké sórí ìdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, lápá òsì, a ń dín wọn kù bá a ṣe ń lọ sọ́tùn-ún. Búráùn tó mọ́ la lò, kì í ṣe funfun. Téèyàn bá jìnnà sí i, ojú ẹ̀ fúnra ẹ̀ á so wọ́n pọ̀.

Nítorí pé a ti fẹ ojú, a ò lè fi ojú nìkan dán an wò. A fi àtàńpàkò bo ojú méjèèjì lórí fóònù, a ní kí ìyá wa wo ìyókù. Wọ́n ní, "Màámi rèé."