Ohun Tí Mo Sọ Fún Àwọn Ọmọ Wa Lọ́jọ́ Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde

Ní oṣù keje tó kọjá, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọmọ SS3 sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kan níhìn-ín ní Kaduna. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, tí mo sì ń ṣe lẹ́sìnnì fún àwọn tó ń tún ìdánwò ṣe. Àwọn òbí tí kò ráyè wá ti ń bi mí pé kí ni mo sọ, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo wa.

Ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó gba ipò kìíní ni a máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Èmi bá àwọn tó jókòó sẹ́yìn sọ̀rọ̀, àwọn tí ìdánwò àṣedánwò ti dẹ́rù bà, tí wọ́n sì mọ̀ nínú ara wọn pé pépà ìṣirò kò dùn. Èsì WAEC kò tíì jáde nígbà yẹn, oṣù kẹjọ ló sábà máa ń jáde. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ṣáájú ni, torí ẹni tí omi ti ń gbé lọ kì í gbọ́ àlàyé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún wọn ni bí a ṣe ń ka èsì. Láti A1 títí dé C6, kírẹ́díìtì ni. D7 àti E8 jẹ́ pé ọmọ yege, ṣùgbọ́n kò tó kírẹ́díìtì. F9 nìkan ni ìfìdírẹmi gan-an. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì dá dúró ní ti ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń pariwo pé "ọmọ yìí ti fẹ́ẹ̀lì WAEC", ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè pé, "Èwo nínú wọn?" Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń fẹ́ kírẹ́díìtì 5 tó bá ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́ mu, pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, àti ìṣirò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú wọn gbà kí ọmọ kó o jọ láti ìjókòó 2, yálà WAEC méjì, tàbí WAEC kan àti NECO kan. Ọmọ tó ní kírẹ́díìtì 6 tí ìṣirò ò sí níbẹ̀, ìṣirò ló kù ú kù. Ilé ò wó, ilẹ̀kùn kan ni kò ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde: èdè Gẹ̀ẹ́sì C5, bàọ́lọ́jì C4, kẹ́mísírì C6, físíìsì C6, Yorùbá B3, ìṣirò E8. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi jáde nílé. Ìyá rẹ̀ mú un wá bá mi, ó ní, "Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, sà. Ó ní orí òun ò gba ìṣirò."

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ ìyànjú kankan. Mo fún un ní ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, mo gbé aago síwájú rẹ̀, mo ní kó ṣe é bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, apá 2 ni ìṣirò WAEC. Pépà kìíní jẹ́ ìbéèrè 50 tí a ó mú ìdáhùn, wákàtí kan àti ààbọ̀, máàkì 50. Pépà kejì jẹ́ wákàtí 2 àti ààbọ̀, máàkì 100. Nínú rẹ̀, abala kìíní ní ìbéèrè 5 tó pọn dandan, máàkì 40. Abala kejì ní ìbéèrè 8, ọmọ yóò mú 5 níbẹ̀, máàkì 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo máàkì í tán, ó gba 24 nínú 50 ní pépà kìíní, ó sì gba 31 nínú 100 ní pépà kejì. Ibi tí àwọn tó kù ti máa ń dúró nìyẹn, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i?" Àwa ò dúró níbẹ̀. A wá ibi tí 69 yòókù gbà lọ.

Nínú ìbéèrè 5 abala kìíní, 3 ló ṣe. Nínú 5 tó yẹ kó mú ní abala kejì, 3 náà ló ṣe. Àwọn méjì tó fi sílẹ̀ ní abala kìíní tó nǹkan bíi máàkì 16, méjì ti abala kejì jẹ́ 24. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40, tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn rárá. Èyí tó kù tó pàdánù jẹ́ 29. A tún yẹ ìyẹn náà wò. Nǹkan bíi 11 nínú rẹ̀ ló lọ torí pé kò kọ bó ṣe ṣe é, ìdáhùn láti inú kakulétọ̀ nìkan ló gbé kalẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ lóòótọ́ kò ju 18 lọ. Mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ kà á sókè. Nínú 69 tó sọnù, àìmọ̀ kó 18. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Sà, àbí ẹ ṣì í kà ni?" A tún un kà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Àkókò ni a kọ́kọ́ mójú tó. Wákàtí 2 àti ààbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 150 fún máàkì 100. Ìyẹn ni pé máàkì kan ní ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ìbéèrè abala kìíní tó bá jẹ́ máàkì 8 yóò gba ìṣẹ́jú 12, ti abala kejì yóò gba 18. Ọmọ yìí ti máa ń lo ìṣẹ́jú 40 lórí ìbéèrè kan tó bá le, torí ó ka fífi í sílẹ̀ sí ojo. Mo kọ́ ọ pé bí ìṣẹ́jú bá ti pé, kó fi àyè sílẹ̀, kó kọjá, kó padà wá tó bá ráyè. Máàkì ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mìíràn rọrùn ju máàkì ìparí èyí tó ń fún un lọ́rùn lọ.

Lẹ́yìn èyí la wá mú ọ̀rọ̀ kíkọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń máàkì WAEC ń fún ọmọ ní máàkì fún ọ̀nà tó gbà, ó sì ń fún un ní òmíràn fún ìdáhùn tó tọ̀nà. Ẹ wo ìbéèrè yìí: agolo kan ga ní 10, ìdajì ìwọ̀n ìdábùú ẹnu rẹ̀ jẹ́ 7, kí ni yóò gbà? Ọmọ kọ 22/7 × 7 × 7 × 10, ìdáhùn jẹ́ 1540. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yọ̀ tó kọ 1450, tó sì ti kọ ọ̀nà sílẹ̀, máàkì ìdáhùn nìkan ló lọ. Bó bá jẹ́ 1450 lásán ló kọ, gbogbo rẹ̀ lọ. Ohun mìíràn ni kíkékúrú nọ́ńbà ṣáájú àkókò. Ìdá 2/3 ti 600 jẹ́ 400. Ọmọ tó bá sáré sọ 2/3 di 0.67 yóò rí 402. Kó fi ìdá náà sílẹ̀ bó ṣe wà títí dé òpin.

Ìgbà tí a ṣe èyí tán ni a tó dé orí ohun tí kò mọ̀. A ò bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ojú ewé kìíní. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé 5 nínú 8 ni yóò mú, a yan orí mẹ́rin tí òye rẹ̀ sún mọ́: tábìlì ìṣirò iye pẹ̀lú ìṣírò àárín gbùngbùn, gíráàfù, ìwọ̀n àgbá àti agolo, àti ọ̀rọ̀ igun àti ìhà. Ọ̀sẹ̀ 14 la lò, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, wákàtí 2 lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kejì, ó ṣe odindi pépà pẹ̀lú aago. Nígbà tó kẹ́yìn, 33 ló ń gbà ní pépà kìíní, 58 ní pépà kejì. Ó ṣe WAEC ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé, ó sì gba C6. Kì í ṣe A1 o. C6 ni ilẹ̀kùn náà ń bèèrè.

Mo kìlọ̀ nǹkan mélòó kan fún wọn pẹ̀lú. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bára mu lórí èsì méjèèjì. Ọmọ tó jẹ́ Ọláwálé lórí èyí, tó wá jẹ́ Wálé lórí ìkejì, yóò rí wàhálà nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Èsì JAMB wà fún gbígba ọmọ wọlé lọ́dún náà nìkan. Bí kírẹ́díìtì bá pẹ́ kó tó pé, ọmọ ní láti tún JAMB ṣe. Èsì tuntun náà sì gbọ́dọ̀ wọ ojú ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB, kì í tó kó wà nínú àpò ìyá rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í gba ìjókòó 2 fún ẹ̀kọ́ bí ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí náà kí ọmọ ka ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ń bèèrè kó tó sanwó fọ́ọ̀mù. Fún ẹni tí ọ̀nà JAMB bá ń pẹ́ fún, IJMB wà, èyí tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria níhìn-ín ń ṣàkóso. Ẹni tó bá yege dáadáa níbẹ̀ lè wọlé sí ọdún kejì. Ṣùgbọ́n kírẹ́díìtì 5 yẹn náà ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ̀yin òbí ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́ báyìí. Bí èsì bá jáde tí kò dára, ẹnìkan yóò wá sọ fún yín pé òun mọ ibùdó kan tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe é. WAEC máa ń dá èsì irú ibùdó bẹ́ẹ̀ dúró, ó sì máa ń fagi lé e. Ọdún yóò lọ, owó yóò lọ, ọmọ ò sì ní mọ ibi tí 69 rẹ̀ gbà lọ. Owó yẹn kan náà lè ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, kó san ti lẹ́sìnnì, kó sì ṣẹ́ kù.

Ẹ fún ọmọ ní ọjọ́ mélòó kan kó sunkún, ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé pépà ọdún kan lé e lọ́wọ́, ẹ gbé aago síwájú rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tí yóò máàkì í pẹ̀lú bírò pupa. Ẹ má kọ́kọ́ bèèrè iye tó gbà. Ẹ bèèrè iye ìbéèrè tí kò fọwọ́ kàn.