Síláìdì 44, Ojú Ìwé Kan

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, síláìdì kì í ṣe ìwé. Ohun tí olùkọ́ fẹnu ṣàlàyé ni ẹran rẹ̀, egungun lásán ló wà lójú ògiri. "rí + owó = rówó", ó tán. Ẹni tí kò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, kí ni yóò fi èyí ṣe?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣàìsàn ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun kó síláìdì 44 lórí ìpajẹ àti àrànmọ́ jọ. Ìdánwò ku ọjọ́ márùn-ún. Mo kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ láìkọ nǹkan kan, mo sì rí i pé àpẹẹrẹ lórí àpẹẹrẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kókó méjì péré ló wà lábẹ́ wọn. Nínú ìpajẹ, fáwẹ̀lì méjì pàdé, ọ̀kan pòórá. Nínú àrànmọ́, méjèèjì ṣì wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti di irú èkejì.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá ṣe àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹẹsẹ. "Rí owó": í àti o pàdé. Í lọ, o dúró. Ṣùgbọ́n ohùn òkè orí í kò bá a lọ, orí o ló bọ́ sí, ló bá di "rówó". Sílébù mẹ́ta di méjì. Wàyí o, "ará oko": á di ó, a ní "aróoko". Ẹ kà á: a-rá-o-ko, mẹ́rin, a-ró-o-ko, mẹ́rin náà ni. Sílébù kankan kò sọnù. Kíka sílébù yìí kò sí lórí síláìdì kankan, ẹnu ni olùkọ́ fi sọ ọ́. Òun ni mo kọ sókè pátápátá, torí òun la fi ń mọ ìpajẹ yàtọ̀ sí àrànmọ́.

Ibi tó le gan-an nìyí. Síláìdì 9 mú "ṣe iṣẹ́" tó di "ṣiṣẹ́": fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ló lọ. Ó di síláìdì 31 kí a tó rí "gé igi" tó di "gégi": èkejì ló lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá sùn lọ lẹ́yìn síláìdì 9 yóò kọ "gígi" sínú ìdánwò! Mo kó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. E kan náà ló parí ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì, i kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, síbẹ̀ èyí tó pòórá kò dọ́gba. Nítorí náà, ìrísí fáwẹ̀lì nìkan kò tó láti fi mọ èyí tí yóò lọ. Bí a ṣe ń pè é lẹ́nu ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹ tó wá sọ èyí tó lọ.

Nísàlẹ̀, mo fi "fọ aṣọ" àti "rí aṣọ" sílẹ̀ láìṣe wọ́n. Aṣọ kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan, a tirẹ̀ ló pòórá. Nínú èkejì, a náà ló dúró.