Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n mi lórí oògùn tó ń fá ikùn

Pẹ́kámù, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àwòrán àwọn oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san owó tó kù fún ìyá tó ń tà wọ́n.

Gàsíníà ló wà nínú hóró inú ìgò tó wà nínú àwòrán náà, ìbátan orógbó tí à ń jẹ nílé. Wọ́n ní ásíìdì inú èèpo èso rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara sọ oúnjẹ di ọ̀rá. Ní 1998, àwọn dókítà ní Niu Yọ́ọ̀kì dán an wò fún ọ̀sẹ̀ 12 lára ènìyàn 135 tó sanra. Wọ́n fún àwọn kan ní gàsíníà, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró lásán tó jọ ọ́, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí òun ń lò. Gbogbo wọn ló dín oúnjẹ kù. Kílò 3.2 ló kúrò lára àwọn tó lo gàsíníà. Lára àwọn tó lo hóró lásán ńkọ́? 4.1! Oúnjẹ tí wọ́n dín kù ló ṣiṣẹ́.

Tíì tó wà láàrin wọn ló bà mí lẹ́rù jù. Sẹ́nà ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ìbátan àsùnwọ̀n, ẹ sì mọ ohun tí àsùnwọ̀n ń fi inú ṣe. Ìwọ̀n yín á wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló bá ìgbẹ́ lọ, ọ̀rá ò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú yín tọ̀, pọtáṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ yín lè dín kù débi tí ọkàn á máa lù ségesège. Ẹ dà á nù.

Kaféènì, èyí tó wà nínú obì àti kọfí, kì í ṣe irọ́ ní tirẹ̀. Ife kọfí kan máa ń mú kí ara jó oúnjẹ díẹ̀ sí i fún wákàtí bíi méjì àbọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó tó yín: bíi kálórì 6 ni. Ṣíbí ọbẹ̀ kan epo pupa tó 120. Kaféènì sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, nítorí náà kì í ṣe tiyín.

Ìyẹ̀fun tí Fẹ́mi ọmọ yín ń bẹ̀bẹ̀ fún, kiríátíìnì, ẹ jẹ́ kó lò ó. Kì í jó ọ̀rá, àmọ́ ó ń fún ẹni tó ń gbé irin lágbára láti gbé e sí i, iṣan rẹ̀ á sì nípọn. Gíráàmù 3 sí 5 lóòjọ́ tó. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi kílò kan lé láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má bínú sí i, omi ló wọ inú iṣan. Tí wọ́n bá ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín, kó sọ fún dókítà pé òun ń lò ó, torí ó lè mú kí èsì dà bíi pé kíndìnrín ń ṣàìsàn.

Màá fi ìgò kiríátíìnì kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé ní Kérésì. Kí Fẹ́mi má ra èyí tí wọ́n po oríṣiríṣi nǹkan mọ́ lọ́jà kí ìgò náà tó dé.

Èmi àbúrò yín,
Bọ́lá