Ọ̀rọ̀ Dé, Àwòrán Ò Dé

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́sẹ̀ yìí, torí ojoojúmọ́ lẹ ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa, àwa náà sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Àwa la jẹ̀bi níbẹ̀ o, kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ìyá kan nínú ìjọ kọ̀wé sí wa lórí Wọ́sáàpù ní òwúrọ̀ kùtù. Ara ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún kan ti gbóná láti òru. Ó ya àwòrán ìgò parasitamọ tó wà nílé, ó wá kọ ìbéèrè sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ara ọmọ gbóná. Ṣé èyí náà ni kí n fún un, 5ml?" Àwa kì í ṣe dókítà. A ní nọ́ọ̀sì kan láàárín wa tó máa ń bá wa dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, la bá ní ká gbé e fún un. A tẹ ọwọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, a yan `Copy`, a lọ lẹ̀ ẹ́ síbi tí a ti máa ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, a fi ránṣẹ́. Máàkì méjì hàn. Ọkàn wa balẹ̀.

Ohun tí a ò rò ni pé `Copy` tí a tẹ̀ ò gbé àwòrán. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ nìkan ló gbé. Ká ní `Forward` la tẹ̀ ni, àwòrán ìbá bá a lọ. Máàkì méjì yẹn ò parọ́ o: ohun tí a fi ránṣẹ́ dé lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí a rò pé a fi ránṣẹ́ kọ́ ló dé.

Nọ́ọ̀sì sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ti kọ "Bẹ́ẹ̀ ni sà", ìka òun ti fẹ́ẹ̀ kan bọ́tìnì. Kí ló dé tó fi fẹ́ẹ̀ dáhùn? Torí ìbéèrè yẹn dà bí èyí tó pé. Parasitamọ olómi tí ọ̀pọ̀ ìyá ń rà fún ọmọdé, mílígíráàmù 120 tàbí 125 ló máa ń wà nínú mílílítà 5 rẹ̀. Fún ọmọ ọdún kan tó wúwo tó kílò 10, ìyẹn bójú mu. Ìgò tó wà lọ́kàn nọ́ọ̀sì nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ ìbá sì tọ́ fún ìgò yẹn.

Ṣùgbọ́n ìgò kékeré ló wà nínú àwòrán, irú èyí tó ní ohun tí wọ́n fi ń kán oògùn sí ọmọ ìkókó lẹ́nu. Èyí le púpọ̀ ju ìkejì lọ: mílígíráàmù 100 ló wà nínú mílílítà 1 péré. Mílílítà 5 rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 500, ó tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí nọ́ọ̀sì ní lọ́kàn, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ìyá bá wá ń fún un bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló máa fara gbá a.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá nọ́ọ̀sì dúró: "èyí náà". Èyí wo? Ó wo òkè ọ̀rọ̀ náà, kò rí nǹkan. Ó wo ìsàlẹ̀, kò rí nǹkan. Ó wá kọ̀wé sí wa pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò hàn o."

Ẹ wo ibi tí a tún ti ṣìnà. A ka "kò hàn", a rò pé àwòrán náà ṣókùnkùn ni. A ní kí ìyá tún un yà. Tòun ti ọmọ tó ń sunkún léjìká, ó gbé ìgò lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó tún un yà. Ó mọ́lẹ̀ kedere lójú wa, nígbà náà ló tó yé wa pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. A pe nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Sà, mi ò rí àwòrán kankan rárá. Ọ̀rọ̀ nìkan ló dé."

Látìgbà náà la ti ń fara balẹ̀ wo bí èèyàn ṣe lè tètè mọ̀.

Tí àwòrán bá ti dé tí fóònù ò tíì gbé e wọlé, ó máa ń fi ojú hàn. Ẹ ó rí àpótí kan tó dà bíi pé kùrukùru bò ó, pẹ̀lú ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, bíi 96 kB. Ìyẹn ò sọnù, ẹ kàn tẹ ọfà náà. Nígbà míì ẹ lè rí "Waiting for this message. This may take a while." Ìyẹn náà ń bọ̀; ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣí Wọ́sáàpù rẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Èyí tó le ni ibi tí kò sí àmì kankan, bíi ti wa yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tí ẹni náà bá fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́tọ̀, tó sì kọ ìbéèrè lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ fúyẹ́, ó ti lọ. Àwòrán wúwo, ó ṣì wà lórí fóònù tirẹ̀ pẹ̀lú àmì aago kékeré. Òun ń wo máàkì méjì abẹ́ ìbéèrè, ó rò pé gbogbo rẹ̀ ló ti lọ, bẹ́ẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀.

Níbẹ̀, inú ọ̀rọ̀ nìkan lẹ ti lè mọ̀. Ẹ wá "yìí", "èyí", "eléyìí", "ti pupa yẹn". Kì í ṣe gbogbo "yìí" ló ń tọ́ka sí àwòrán o. "Ọmọ yìí" lè jẹ́ ọmọ tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lánàá. Torí náà ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lókè. Tí ẹ ò bá rí ohun tí "yìí" ń tọ́ka sí, àwòrán ti sọnù lọ́nà nìyẹn, tàbí kí ẹni náà gbàgbé láti fi í sí i. Ẹ tún wo ohun tí ìbéèrè ò sọ. Ẹni tí kò ní àwòrán á sọ orúkọ oògùn, á ní ìgò kékeré ni, á ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹni tó ti fi àwòrán sí i kì í ṣe wàhálà yẹn, torí ó gbà pé ẹ ti ń wò ó. Ìbéèrè oògùn tó kúrú tó báyẹn, ẹ fura sí i.

Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń fèsì, ẹ má kọ "kò hàn" tàbí "mi ò rí i dáadáa". Ohun tí a ń kọ báyìí ni: "Ìbéèrè yín dé, àmọ́ kò sí àwòrán kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tó wà lára ìgò." Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí tí àwòrán bá tún há sọ́nà, nọ́ńbà ara ìgò á ti dé.

Nígbà tí a `Forward` àwòrán náà, nọ́ọ̀sì béèrè ìwọ̀n ọmọ, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀: mílílítà 1 péré ni kó fún un, kó má fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ohun ìkán inú páálí ni kó lò, kó sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù tí ara rẹ̀ ò bá rọlẹ̀. Ìyá ní ṣíbí ti wà lọ́wọ́ òun, èsì wa nìkan lòun ń dúró dè.