Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó wú lóru: ẹ má tètè pè é ní àsasí

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ àti ajílẹ̀ la sábà máa ń bá yín sọ, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa yìí, ó lè ṣẹlẹ̀ nílé tiyín náà.

Bàbá wa lọ síbi ìnáwó kan lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n jẹ ẹ̀dọ̀ àti ìfun ẹran dáadáa, wọ́n sì mu bíà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, omi tí wọ́n mu ò tó nǹkan. Ní nǹkan bí aago 2 òru, igbe wọn ló jí wa. Oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú, ó ń dán, ó gbóná. Aṣọ ìbora lásán ò gbọdọ̀ kàn án.

Bàbá ní, "Mo ti tẹ nǹkan lóko o!" Ẹ̀gbọ́n wọn ti ń wá abẹ tí wọ́n máa fi sín gbẹ́rẹ́. Àwa náà ò mọ̀ ọ́n ṣe: a fi omi gbígbóná jó o, a tún ń wọ́ ọ. Ńṣe ló ń le sí i.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé: "Bàbá, ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí?" Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí pé ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ yìí kan náà, tó sì lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí egbò lẹ́sẹ̀ wọn, ibà ò sì sí lára wọn. Nọ́ọ̀sì ní ó jọ gáòtì.

Ìdọ̀tí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa tí wọ́n ń pè ní yúríìkì ásíìdì. Kídìnrín ló ń bá ìtọ̀ dà á nù. Tó bá pọ̀ jù, ó máa ń dì sínú oríkèé bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹran inú, bíà àti àìmu omi tó wà lára ohun tó ń fà á.

A gbé ẹsẹ̀ Bàbá sórí ìrọ̀rí. A fi aṣọ wé omi inú ọ̀rá tó ti dì, a gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 20, nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Wọ́n ń mu omi, wọn ò fẹnu kan ọtí. Torí pé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ dá ra oògùn ìrora bí àìbúprófẹ̀n. Irú ẹ̀ lè pa ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kídìnrín tàbí àrùn ọkàn lára. Wọn ò sì gbọdọ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra wọn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásìkò tó ń dùn wọ́n ò fi nǹkan hàn. Ìgbà tá a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 ló tó hàn pé yúríìkì ásíìdì wọn ga.

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Àmọ́ tí ibà tàbí òtútù bá wà ńbẹ̀, tí egbò wà lẹ́sẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sọ́sibítù. Kòkòrò tó wọ oríkèé jọ gáòtì gan-an, ó sì lè ba oríkèé náà jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i o. Abẹ ló máa ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò ọ̀hún.